Iṣẹ́ oko oṣù 6 ní Ìlú Ọba: ẹ jẹ́ ká tú ìwé owó ejẹ́ǹtì wò

*"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbògbò, ní Ìkòròdú, ni mò ń gbé, ẹja gbígbẹ ni mo ń tà ní ọjà Sábó. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 23, rí ejẹ́ǹtì kan tó ní òun máa mú un lọ sí oko sitirọ́bẹ́rì ní Ìlú Ọba fún oṣù 6. ₦4,800,000 ni gbogbo owó tí wọ́n kọ fún wa, a sì ti san ₦300,000 nínú rẹ̀. Mo fẹ́ yá ìyókù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Mo fi ìwé owó náà àti lẹ́tà oko ránṣẹ́. Ṣé iṣẹ́ yìí wà lóòótọ́? Ṣé owó yìí ló tọ́ ká san?"* — Ìyá Tóbi

Ìyá Tóbi, ẹ kú ọjà, ẹ kú àníyàn ọmọ. Iṣẹ́ náà wà. Owó náà ni kò tọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí Tóbi jókòó tì yín, kí ẹ jọ ka èyí.

Ìjọba Ìlú Ọba ní físà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Seasonal Worker. Àwọn tó ń ká èso, tó ń kórè ẹ̀fọ́, tó ń tọ́jú òdòdó ló wà fún, kò sì ju oṣù 6 lọ. Ẹ̀ka kékeré kan tún wà fún iṣẹ́ adìẹ nígbà tí Kérésìmesì bá ń bọ̀. Ìjọba ló ń pààlà sí iye físà tó máa jáde lọ́dún: ní 2025, 43,000 ni fún oko èso àti ẹ̀fọ́, 2,000 fún adìẹ, fún 2026, wọ́n dín in kù sí 41,000 àti 1,900. Gbogbo ayé ló ń du ìyẹn. Ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù ló lè béèrè fún un, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ ló ń yan ibi tí wọ́n ti ń wá ènìyàn, apá Àárín Gbùngbùn Éṣíà ni wọ́n sì ń lọ jù: Kirigísítáànì, Usibẹkísítáànì, Tajikísítáànì, Kasakísítáànì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gba ọ̀nà yìí kéré gan-an. Mi ò sọ èyí láti ba Tóbi lọ́kàn jẹ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé ejẹ́ǹtì tó bá ń ṣe bí ẹni pé àyè pọ̀ lọ́wọ́ òun rẹpẹtẹ, ó yẹ kí ara fu èèyàn sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, tí àwọn oníjìbìtì sì ń fi jẹun, ni pé oko kọ́ ló ń mú òṣìṣẹ́ wọlé lábẹ́ físà yìí. Àwọn ilé iṣẹ́ mélòó kan péré ni ìjọba fún láṣẹ láti ṣe é. Scheme operator ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ wọn sì wà lórí GOV.UK. Wọ́n ló ń dúró fún òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n ló ń rán an lọ sí oko, wọ́n náà ló sì yẹ kó mójú tó o títí tí yóò fi padà sílé. Ẹ wá wo lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ oko kan ní Kẹ́ńtì ló wà lórí rẹ̀, oko yẹn ló sì sọ pé òun fúnra òun fún Tóbi ní CoS, ìyẹn ohun tí òṣìṣẹ́ máa fi béèrè físà. Oko kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún físà yìí. Ní tèmi, lẹ́tà yẹn ti sọ irú ẹni tí ẹ ń bá dòwò pọ̀ kí n tó ṣí ojú ìwé kejì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ìwé owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ìṣirò lè rọrùn, mo máa ka pọ́n-ùn kan sí ₦2,000.

Wọ́n kọ ₦1,800,000 fún CoS. CoS kì í ṣe ìwé. Nọ́ńbà ni. Scheme operator ló máa wọ ojúlé ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó máa kọ orúkọ òṣìṣẹ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, nọ́ńbà kan á sì jáde tí òṣìṣẹ́ máa fi béèrè físà láàárín oṣù 3. Láti oṣù kẹrin 2025, £55 ni Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń fúnni ní físà, ń gbà lórí nọ́ńbà yìí, ìyẹn ₦110,000 nínú ìṣirò wa. Iléeṣẹ́ tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ ni Home Office sì ń gba owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé aláwọ̀ mèremère tó ní òǹtẹ̀ pupa tí wọ́n fi hàn yín, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló lè ṣe é.

₦900,000 fún IHS. Owó ilé ìwòsàn nìyẹn, àwọn tí físà wọn ju oṣù 6 lọ ló ń san án. Ẹni tó béèrè físà oṣù 6 láti ilé kò ní san án rárá. ₦250,000 fún àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ: bákan náà, ẹni tó bá fẹ́ lo ju oṣù 6 lọ ni wọ́n ń béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀. ₦350,000 fún ìdánwò IELTS: kò sí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kankan nínú físà oko yìí. Ẹ ti rí i báyìí pé ₦1,500,000 ni wọ́n kọ fún nǹkan mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè lọ́wọ́ Tóbi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ejẹ́ǹtì mú ìwé owó físà àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ọlọ́dún púpọ̀, ó kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó mọ̀ pé ìyá tó ń tajà ní Sábó ti gbọ́ IHS àti IELTS lẹ́nu àwọn tí ọmọ wọn ti lọ, kò sì ní yà á lẹ́nu.

₦700,000 fún físà. Èyí nìkan ni òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, £319 ni wọ́n gbé e sí, ìyẹn ₦638,000. Ìjọba wọn a máa fi kún un, nítorí náà kí Tóbi wo iye tó wà lórí GOV.UK lọ́jọ́ tó bá fẹ́ san. Òun fúnra rẹ̀ ló máa fi káàdì báńkì san án níbẹ̀, rìsíìtì á sì wọ ímeèlì rẹ̀. Kò sí ìdí tí owó yìí fi gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ejẹ́ǹtì kọjá.

Ó wá ku ₦800,000 tí wọ́n pè ní owó ìṣètò. Èyí gan-an lòfin kọ̀. Òfin Ìlú Ọba ti 1973 lórí àwọn tó ń bá ènìyàn wáṣẹ́ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nítorí pé ó bá a wáṣẹ́. Fún iṣẹ́ oko, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá ń kó òṣìṣẹ́ wọ oko Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba wọn tí wọ́n ń pè ní gangmaster licence, tí iléeṣẹ́ GLAA ń fúnni tẹ́lẹ̀, tí Fair Work Agency sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2026, ìbáà jẹ́ Ìkòròdú ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ìwé àṣẹ yẹn sì ka gbígba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó tó kí wọ́n torí ẹ̀ gba ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ ẹni. Nílé níbí náà, abala 23 nínú òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó ọmọ Nàìjíríà lọ síbi iṣẹ́, nílé tàbí lókè òkun, láìní ìwé àṣẹ ìjọba. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń fúnni ní ìwé yìí. Ìforúkọsílẹ̀ CAC tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri kì í ṣe òun. CAC kàn ń sọ pé iléeṣẹ́ náà lórúkọ ni.

Wọ́n tún lè ní kí ẹ kó owó wá kí ìwé báńkì lè fi hàn pé Tóbi rí owó ná. Òfin yìí wà: £1,270 gbọ́dọ̀ wà nínú àpò owó Tóbi fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ 28, àfi tí scheme operator bá ti kọ ọ́ sínú CoS pé òun máa gbọ́ bùkátà rẹ̀. Àpò owó Tóbi ni mo wí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san án sínú ti ejẹ́ǹtì, owó yẹn ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, bí gbogbo nǹkan bá tọ́, owó físà, owó ọkọ̀ òfuurufú àti ìwé ìrìnnà ni ẹni tó ń lọ ń san. Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tí gbèsè ń ṣe sí irú iṣẹ́ yìí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dun èmi jù. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ní ejẹ́ǹtì yín kì í ṣe olè, pé Tóbi dé oko lóòótọ́.

Láti oṣù kẹrin 2026, owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún ẹni tó ti pé ọdún 21 ni £12.71 fún wákàtí kan. Físà yìí sì ní kí oko fún òṣìṣẹ́ ní owó wákàtí 32, ó kéré tán, lọ́sẹ̀, ìbáà jẹ́ pé òjò rọ̀ tí iṣẹ́ kò sí. Ìyẹn jẹ́ £406.72. Nínú rẹ̀, oko lè yọ owó ilé, èyí tí kò gbọ́dọ̀ ju £11.10 lọ lójúmọ́ fún ẹni tó ń gba owó tó kéré jù yìí, ìyẹn £77.70 lọ́sẹ̀. Owó National Insurance á mú bíi £13. Ká ní ó ń jẹun £50 lọ́sẹ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ bíi £266, ìyẹn ₦532,000.

Ká fi tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ sí ₦1,800,000. Ẹni tó san owó físà àti tíkẹ́ẹ̀tì nìkan, ₦2,438,000 ni gbèsè rẹ̀, kò ní tó ọ̀sẹ̀ 5 tó máa fi san án tán. Àmọ́ bí Tóbi bá fi gbèsè ₦4,800,000 pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ, ₦6,600,000 ni. Ó ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ tó máa fi ṣiṣẹ́ fún gbèsè nìkan, láìka èlé ẹgbẹ́, láìfi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé, nínú iṣẹ́ tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 26 tó bá pẹ́ tán. Bí oko bá ní kò yára tó, tí wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ohun tó ti tù jọ jẹ́ ₦4,256,000. Ó ṣì ku ₦2,344,000 nínú gbèsè náà, ẹ̀yin lẹ sì fọwọ́ síwèé.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní 2022, àwọn ọmọ Indonéṣíà kan tí wọ́n kó lọ sí oko ní Kẹ́ńtì sọ pé gbèsè tó tó £5,000 làwọn gbé délẹ̀ nítorí owó tí àwọn ejẹ́ǹtì gbà lọ́wọ́ àwọn nílé. GLAA ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2023, wọ́n dá àwọn ọmọ Indonéṣíà mìíràn dúró ní oko mìíràn láìpẹ́ tí wọ́n débẹ̀, torí pé iye èso tí wọ́n ń ká kò tó èyí tí oko fẹ́. Ẹ wò ó, ẹni tó jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kò lè la ẹnu bá ọ̀gá oko wí. Bí wọ́n yọ owó lọ́nà àìtọ́, á dákẹ́. Bí ilé tí wọ́n fi í sí ń jò, á dákẹ́. Ìdí nìyí tí òfin fi dojú ìjà kọ owó ejẹ́ǹtì ṣáájú gbogbo nǹkan: òun ló máa ń pa ẹnu òṣìṣẹ́ dé.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé Tóbi rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ scheme operator gidi, wọ́n á fún un ní ìwé àdéhùn kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí ó ka orúkọ àti àdírẹ́sì oko níbẹ̀, kí ó wo ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Físà lè jẹ́ oṣù 6 kí iṣẹ́ tó wà lóko náà jẹ́ oṣù 3 péré, kí ó béèrè ibi tí wọ́n máa gbé e lọ lẹ́yìn ìyẹn, torí pé scheme operator gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ lè gbà béèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ sí oko mìíràn. Kí ó rí wákàtí 32 yẹn ní kíkọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó wo bóyá owó wákàtí ni tàbí owó kílò. Ọ̀pọ̀ oko máa ń san owó lórí iye agbọ̀n tí èèyàn ká, kò sì burú, ẹni tó bá yára ń rí owó tó jọjú. Ṣùgbọ́n bí Tóbi bá ṣiṣẹ́ wákàtí 32 tí agbọ̀n rẹ̀ mú £350 péré wá, oko gbọ́dọ̀ fi £56.72 kún un kó lè pé £406.72. Nítorí náà, lálaalẹ́ ni kí ó máa kọ wákàtí tó wọlé àti wákàtí tó jáde sínú ìwé kékeré tàbí fóònù ara rẹ̀, kó sì fi wé ìwé owó oṣù tí wọ́n bá fún un. Láìsí àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀gá oko nìkan ni yóò wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá sì yọ owó orí, kó tọ́jú ìwé rẹ̀: iye tó máa rí nínú oṣù 6, bíi £10,575, kò tó £12,570 tí ìjọba wọn kì í gba owó orí lé lórí, ó lè gbà á padà lọ́dọ̀ HMRC, iléeṣẹ́ owó orí wọn.

Ìwé ìrìnnà rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí nǹkan bá wọ́, nọ́ńbà Acas tí wọ́n fi ń béèrè ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni 0300 123 1100. Ti àwọn tí wọ́n ń lò bí ẹrú ni 08000 121 700. Kó ti kọ méjèèjì sínú ìwé kí ó tó kúrò nílé.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Kó kàn dé ọ̀hún ná, a ó bá a yí físà padà." Físà Seasonal Worker kò ṣeé yí padà sí òmíràn níbẹ̀, kò sì lè mú aya tàbí ọmọ dání. Bí wọ́n bá sì yí ọ̀rọ̀ padà sí Kánádà, ètò oko Kánádà tó gbajúmọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní SAWP, Mẹ́síkò àti àwọn erékùṣù Kàríbíà nìkan ló wà fún. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni kí ẹ bi ejẹ́ǹtì náà, lórí Wáàsáàpù kí ìdáhùn rẹ̀ lè wà ní àkọsílẹ̀: scheme operator wo lò ń bá ṣiṣẹ́, kí sì ni nọ́ńbà gangmaster licence rẹ? Bí ó bá dárúkọ, kí Tóbi wọ GOV.UK, kó wá `Register of licensed sponsors: workers`, kó wò ó bóyá orúkọ náà wà níbẹ̀, tí `Seasonal Worker` sì wà ní iwájú rẹ̀. Wíwà orúkọ níbẹ̀ nìkan kò tó o, torí pé olè lè dárúkọ iléeṣẹ́ gidi. Kí ó lọ sí ojúlé iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kó mú àdírẹ́sì ímeèlì níbẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà, kó béèrè bóyá wọ́n mọ ejẹ́ǹtì yìí àti bóyá wọ́n ń gba ènìyàn ní Nàìjíríà lọ́dún yìí. Ibẹ̀ náà ni ó ti lè bá wọn fọwọ́ síwèé tààrà, lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọ́n bá ń gbà. Ní ti ìwé àṣẹ Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ní ibùdó kan ní Èkó fún àwọn tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, Migrant Resource Centre. Ìmọ̀ràn wọn kì í ṣe títà.

Ẹ má jẹ́ kí ejẹ́ǹtì náà fi ìwé kankan ránṣẹ́ sí Home Office lórúkọ Tóbi. Bí wọ́n bá fi ayédèrú ìwé béèrè físà, wọ́n lè kọ̀ láti fún Tóbi ní físà, ìbáà jẹ́ pé kò mọ̀ pé ayédèrú ni, bí wọ́n bá sì gbà pé ó mọ̀, wọ́n lè fòfin dè é fún ọdún 10. Kó gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn bó bá ti fún wọn.

Ní ti ₦300,000, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan, ẹ ní kí wọ́n dá a padà láàárín ọjọ́ 7, ẹ kọ nọ́ńbà àpò owó tí ẹ san án sí àti ọjọ́ tí ẹ san án síbẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé báńkì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí fóònù, ẹ má pa ọ̀kankan rẹ́. Bí ọjọ́ 7 bá kọjá, ẹ gbé e lọ sí EFCC, kí ẹ sì pe NAPTIP lórí 627. Bí àwọn mìíràn bá wà ní Ìgbògbò tí ejẹ́ǹtì kan náà gba owó lọ́wọ́ wọn, ẹ jọ lọ. Ẹ̀sùn tí ènìyàn mẹ́rin jọ fi kan ejẹ́ǹtì kan, pẹ̀lú ìwé báńkì mẹ́rin, àwọn agbófinró kì í fi falẹ̀.